Ọjọ́ Ẹtì Tí N Kò Lè Pín sí Méjì

Bí ẹ bá rí mi lónìí tí mo jókòó síwájú ilé, tí mò ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò bí ẹni tí ẹ̀rù kò bà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà mí gbọ́. Ojo ni mí. Mo ti sá fún ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá kan bi mí ní ọ̀nà ọjà rí, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí, kò sí èyí tó tó ti ọ̀sẹ̀ kan ní Kutọnu, nígbà ìjọba àwọn ṣọ́jà, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáráàdì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju pé kí n bẹ ọ̀gá kan kó bá mi sún ọjọ́ tó fẹ́ rí mi.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà nígbà náà ní Akpakpa, ní òdìkejì afárá. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Òyìnbó tí mo ń bá tọ́jú ilé ẹrù ti kó lọ sí ìlú rẹ̀, ó ní ìjọba tuntun yìí kò jẹ́ kí òun sùn. Àwa tó fi sílẹ̀, a sùn dáadáa, nítorí kò sí ohun tí à ń tètè jí lọ ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń sọdá sí Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ní owó epo ń ṣàn nínú gọ́tà. Ẹni tó bá ń lọ á wá dágbére, á sì fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, torí pé kò ṣeé gbé kọjá ibodè. Nígbà tó yá, àga kún yàrá mi, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó sórí wọn.

Ẹnì kan péré ló kù tí mo lè pè ní tèmi: àbúrò ìyá mi, ní Kétu. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ọmú. Obìnrin yìí ló gbé mi pọ̀n, tó rán mi lọ sílé ìwé títí mo fi gba ìwé mẹ́fà, tí orí mi sì kọ̀ láti gba èkeje. Kò bímọ. Èmi nìkan ló ní.

Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan lẹ́bàá èbúté, tó ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ẹrù. Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́, mo sì gbàgbé. Ní ìgbà náà, ìwé tí ènìyàn bá kọ sí ìjọba dà bí òkúta tó sọ sínú ọ̀sà: ìró àkọ́kọ́ ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ òmíràn mọ́. N kò ní àpótí tèmi ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ti bàbá onílé mi ni mò ń lò, bàbá náà kì í sì í ṣí i àfi tí nǹkan mìíràn bá gbé e dé ìhà ibẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó kanlẹ̀kùn, ó na àpò ìwé kan sí mi.

"Ìjọba ń wá ọ," ló wí. "Kí lo ṣe?"

Mo já a. Wọ́n ní kí n wá ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí n wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta, kí wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà ti pẹ́. Inú àpótí bàbá onílé ló ti ń sùn. Mo jó. Mo jó débi pé mo fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀kan nínú àwọn àga àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì jókòó lé òmíràn láti fọwọ́ ra ìka ẹsẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni dẹ́rẹ́bà kan láti Kétu dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò jókòó. Ìgbà tí mo rí i pé kò fẹ́ jókòó ni mo ti mọ̀.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ìyá ti lọ," ló wí. "Ní ọjọ́ Ẹtì ni. Wọ́n ti sin wọ́n lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn Ìmàle ṣe wí. Ẹ má bínú, ọkọ̀ mi ló bàjẹ́ ní Pobè, ǹ bá ti dé ṣáájú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ. Mo wo inú yàrá. N kò rí ẹni tí mo lè sọ fún, àfi àga.

Ẹ̀yin ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló kú, nítorí náà ọjọ́ Ẹtì ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ìsìnkú ti kọjá lórí mi. Àdúrà yìí nìkan ló kù tí mo lè fi ojú hàn níbẹ̀, kí ó má baà dà bí ẹni tí kò gbé ọmọ kankan pọ̀n rí. Bí mo bá sì jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, kò sí ọkọ̀ tó lè gbé mi dé Kétu kí wọ́n tó ṣe àmín. Òjò ń rọ̀ lásìkò náà, ọ̀nà tó kọjá Pobè sì jẹ́ ẹrẹ̀ pupa tí ń gbé táyà mì.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí kí n lọ sọ fún wọn pé mo ń ṣọ̀fọ̀? Ẹ̀rù tó bà mí gan-an nìyẹn. Ní Kutọnu, ikú mọ̀lẹ́bí ni gbogbo ẹni tí kò bá fẹ́ wá síbi iṣẹ́ ń sọ. Ọkùnrin kan wà nílé ẹrù wa àtijọ́ tó pa ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta a dáwó jọ fún un, ìyá àgbà náà sì fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá dúpẹ́. Irọ́ kò sí lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òtítọ́ mi wọ aṣọ irọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní n kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Bí n kò bá sì sọ ọ́, kí n kàn má lọ, wọ́n á ní wèrè ni mí. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ lẹ́yìn mi pọ̀ ju ẹja inú ọ̀sà lọ. Wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹnì kan láti Akpakpa.

Mo sọdá afárá lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi tẹlifóònù bá ọ̀gá tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà wọn wà lórí ìwé náà. Ènìyàn á san owó ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì, á wọ inú àpótí onígíláàsì, wọ́n á sì so ó pọ̀. N kò lo tẹlifóònù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ rí. Mo ti tú ọ̀rọ̀ mi sí Faransé lójú ọ̀nà, láti orí ìkíni dé ìdágbére.

"Àló," ohùn ọkùnrin kan wí, ohùn ẹni tó ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́.

"Ẹ kú ọ̀sán o, kámáráàdì ọ̀gá."

"Ọ̀sán."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú òjò yìí."

"Hẹn."

"Ara ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́?"

"Màmá wo?"

"Màmá tiyín. Ṣé ara wọn le? Ṣé wọ́n ń jáde?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ìwọ ta ni?"

Bí mo ṣe la ẹnu láti dárúkọ, nǹkan dún kẹ́ú, ohùn náà kú. Ìṣẹ́jú tí mo san owó rẹ̀ ti tán. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ kí i.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nílé wa, bí o bá wọlé tọ àgbà tí o kàn gbé ọ̀rọ̀ rẹ kalẹ̀ láì béèrè ara ilé, wọ́n á bi ọ́ bóyá ewúrẹ́ ló tọ́ ọ. N kò mọ̀ pé tẹlifóònù ní ìwà tirẹ̀. Owó tí ì bá tún so mí pọ̀ kò sí lápò mi, nítorí mo ní láti tọ́jú owó ọkọ̀ Kétu.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún bàbá onílé. Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó gbàdúrà fún òkú, ó sì gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

"A kì í fi ẹnu lásán bẹ ẹni ńlá," ló wí. "Wá àkùkọ kan tó sanra. Èmi fúnra mi á tẹ̀lé ọ lọ sílé rẹ̀. Àgbà ló ń bá ọmọdé bẹ̀bẹ̀."

"Bàbá, wọ́n ń pariwo lórí rédíò lójoojúmọ́ pé ẹni tó bá fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní nǹkan, ọ̀tá ìlú ni."

"Àkùkọ kì í ṣe nǹkan. Ìkíni ni."

"Ìkíni tó ń kọ, bàbá. Á ti kọ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, gbogbo àdúgbò á sì ti jáde."

Ó ní ojo ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà kan nìyẹn tí ìwà ojo mi ṣe mí lóore, torí n kò mọ ojú tí ǹ bá fi wo ọ̀gá náà tí mo bá gbé adìyẹ dé ilé rẹ̀ kó tó mọ orúkọ mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, ó ń tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ẹni tó fẹ́ gbọn ìka nù. Mo fi Faransé kí i. Ó gbójú sókè, ó fi Nàgó, Yorùbá àwọn ará Ṣakété, dá mi lóhùn.

"Fòfó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kì í ṣe ará ibí. Ohùn yín ń sọ̀rọ̀ Kétu. Kí ló dé tí ojú yín rí bẹ́ẹ̀?"

Ẹ wò ó, láti ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un: ìyá, àpótí, ọkọ̀ tó bàjẹ́ ní Pobè, òjò, àní ìka ẹsẹ̀ mi. Ó gbọ́ ọ títí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí rere," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí fún ọ̀gá nínú lọ́hùn-ún, wọ́n á sùn. Ẹ dárúkọ. Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sunkún lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ lè wá."

"Ọjọ́ kọ́jọ́ tó bá wù wọ́n, tàǹtí."

"Háà! Ẹ má dán an wò. Tí ẹ bá ní ọjọ́ kọ́jọ́, ẹ ti gbé ìṣòro yín lé wọn lórí. Ẹ mú ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta wá, kí wọ́n mú ọ̀kan. Kí ẹ sì fi ẹnu yín sọ pé ẹ fẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé èyí. Wọ́n á bẹ̀bẹ̀ bẹ̀bẹ̀, wọn ò ní sọ pé àwọn fẹ́ ẹ."

"Kí n bẹ wọ́n ńkọ́?"

"Ẹ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì á jẹ́ kí wọ́n wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀." Ó dìde, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ o. Inú ọ̀gá kò dùn láti àná. Ẹnì kan pè wọ́n lórí tẹlifóònù."

Mo ti fẹ́ sọ pé mo gbàgbé nǹkan sílé, ṣùgbọ́n ó ti ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀gá náà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Mo pinnu pé ìkíni kan ṣoṣo ni n ó kí i. Ẹnu mi kò gbọ́ràn.

"Ẹ kú àárọ̀, kámáráàdì ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́. Ara ilé..."

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Dúró! Tún un sọ."

"Ara ilé, ọ̀gá."

"Ìwọ ni!" Ó dìde. "Ìwọ lo pè mí lánàá! Ìwọ lo béèrè ìyá mi!"

Mo ní èmi ni. Kí ni ǹ bá tún sọ? Mo dárúkọ, mo sọ ibi tí mo ti pe, mo sọ pé owó ló tán. Ó ń wò mí.

"Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi lánàá? Ẹnì kan pè mí níbi iṣẹ́, kò dárúkọ, ó ń bi mí bóyá ìyá mi ń jáde. Nírú ìgbà yìí! Mo rò pé ẹnì kan ti lọ sọ̀rọ̀ mi níbì kan, tí wọ́n fẹ́ fi ìyá mi halẹ̀ mọ́ mi. Mo ti fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Porto-Novo ní ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n ń bú mi títí a fi débẹ̀, wọ́n ní mi ò jẹ́ kí àwọn gbé ẹ̀wà àwọn kúrò lórí iná."

Ó jókòó. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì, mo rò pé ó ń sunkún, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín. Obìnrin ẹnu ọ̀nà náà yọjú wọlé, òun náà bá a rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń bẹ̀rù ènìyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ènìyàn bẹ̀rù mi, n kò sì tilẹ̀ mọ̀ kí n gbádùn rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí, ó ń nu ojú. "Kí lo ń wá kiri tí o fi ń kí mi bẹ́ẹ̀?"

Mo ranjú mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀, mo sọ ọ́ bí obìnrin náà ṣe kọ́ mi. Mo ní mo wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ rí ní ọjọ́ Ẹtì, fún iṣẹ́ ilé ẹrù. Mo ní mo fẹ́ iṣẹ́ náà, òun ni mo ti ṣe rí, òun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní obìnrin tó tọ́ mi ti kú, àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì ní Kétu, àná ni mo sì gbọ́, àná náà ni ìwé wọn dé ọwọ́ mi. Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ní mo lè wá ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, tàbí kó tó di ọjọ́ Ẹtì bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mo wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Kámáráàdì, ní ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, wọ́n ti bá mi sin ìyá bíi mẹ́ta lórí tábìlì yìí. Kí ló máa jẹ́ kí n gba tìrẹ gbọ́?"

Ẹ̀rù mi àtọjọ́mọ́jọ́ nìyẹn, ó jókòó síwájú mi, ó wọ kóòtù. Ó yà mí lẹ́nu pé nígbà tó dé tán, n kò rí ohun tí mo tún lè bẹ̀rù.

"N kò lè mú un wá kí ẹ rí i, ọ̀gá," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ má bi mí ní ìbéèrè. Ọjọ́ nìkan ni mo ní kí a yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ní kò ṣeé ṣe, mo ṣì ní láti lọ sí Kétu. Kò ní ẹlòmíràn."

Ó ṣí ìwé kan lórí tábìlì, ó wò ó. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ṣeé ṣe, torí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ni mẹ́ta náà ń lọ sí Parakou, òun kò sì lè tún kó ìgbìmọ̀ jọ nítorí ènìyàn kan.

"Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a ó rí lọ́la," ló wí. "A lè yí ẹnì kan lára wọn sí ọjọ́ Ẹtì, kí ìwọ bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án. Ṣé ó dáa?"

Ọ̀la! N kò tíì fọ ṣẹ́ẹ̀tì. N kò tíì ronú ìbéèrè kan. Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n bẹ̀ ẹ́ kó tún sún un. Mo wo obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ranjú mọ́ mi bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ba nǹkan jẹ́.

"Ó dáa, ọ̀gá," ni mo wí. "Mo dúpẹ́. N ó wà níbí."

Ó kọ ọjọ́ tuntun sórí ìwé mi, ó fọwọ́ sí i. Bí mo ṣe ń jáde, ó pè mí padà.

"Kámáráàdì. Tí o bá tún fẹ́ fi tẹlifóònù pe ènìyàn, dárúkọ kí o tó béèrè ìyá ẹni ẹlẹ́ni."

Mo lọ ní Ọjọ́rú. Ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣì tutù lábẹ́ apá. Wọ́n bi mí pé bí òjò bá ya wọ ilé ẹrù, tí ìrẹsì àti sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀, èwo ni n ó kọ́kọ́ gbé. Mo ní sìmẹ́ńtì, torí a lè sá ìrẹsì, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tó ti mu omi, òkúta ni. Wọ́n wo ara wọn. Ẹ má jẹ́ kí n máa dá yín dúró: wọ́n gbà mí, mo sì ṣe iṣẹ́ náà títí ìjọba yẹn fi lọ tí òmíràn fi dé. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń wù mí láti sọ fún ẹnì kan bí mo ṣe lé ìyá ọ̀gá kúrò nílùú pẹ̀lú ìkíni.

Ní Kétu, ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn àlùfáà jókòó sórí ẹní lábẹ́ ìbòòji, àwọn aládùúgbò yí wọn ká. Ṣáájú àdúrà, àgbà wọn gbójú sókè, ó ní, "Níbo ni àwọn ọmọ olóògbé wà? Kí wọ́n jáde síwájú kí a gbàdúrà fún wọn."

Mo dìde, mo rìn síwájú, mo kúnlẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá àwọn tó kù ń bọ̀.

"Èmi nìkan ni, àlùfáà," ni mo wí.

Wọ́n gbàdúrà fún mi. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi níṣẹ́, kí ó jẹ́ kí ojú rere ọ̀gá wà lára mi. Mo ń ṣe àmín, mo ń ṣe àmín, mo sì ń ronú bí ì bá ṣe rẹ́rìn-ín tó, obìnrin tó gbé mi pọ̀n yẹn, kó fọwọ́ lu itan rẹ̀, kó ní, "Ìwọ! Ìwọ ni wọ́n sá fún?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì pa àdúrà dé, tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí pín àkàrà, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.